Kọ ọ̀rinrin kòkó sílẹ̀ kí àgbẹ̀ tó kúrò nídìí òṣùwọ̀n

Ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù oníkòkó bíi tèmi, ẹ mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe ń lọ. A ó gba kòkó lọ́wọ́ ọmọ ẹgbẹ́, a ó wọ̀n ọ́n, a ó fún un ní díẹ̀ nínú owó rẹ̀, a ó ta gbogbo rẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn náà la ó san èyí tó kù. Ìwé ìgbà-kòkó, ìwé owó àti ìwé títà gbọ́dọ̀ bára mu. Ọjọ́ tí wọn ò bá bára mu, akọ̀wé lolè.

Ní apá Ìdànrè níbí, nígbà tí òjò ò jẹ́ kí kòkó rí oòrùn, a kó àpò 64 jọ. Kílò 4,000 ni òṣùwọ̀n wa sọ. Àpò 64 náà ni ẹni tó rà á kó lọ, ṣùgbọ́n kílò 3,805 ló san owó rẹ̀. Kílò 195 ò sí níbẹ̀, ó sì ju àpò mẹ́ta lọ.

Ìpàdé ọjọ́ yẹn ò tíì kúrò lára mi. Bàbá kan dìde, ó ní, "Akọ̀wé, ta ni ẹ ta àpò mẹ́ta fún?" Kò sẹ́ni tó dá a lẹ́kun. Mo ka ìwé sí wọn létí pé àpò 64 wọlé, àpò 64 jáde, wọ́n ní èmi ni mo kọ ọ́. Alága, tó wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbé àpò sínú ọkọ̀, dákẹ́. Wọ́n wá pín kílò 195 náà sórí gbogbo àpò, kílò mẹ́ta ó lé díẹ̀ lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìgbà náà ni ìyá kan tó mú àpò mẹ́wàá wá bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Kòkó tirẹ̀ gbẹ dáadáa. Tí o bá fún un pọ̀ lọ́wọ́, ńṣe ló ń dún ṣáṣá. Wọ́n yọ owó nǹkan bíi kílò 30 lára tirẹ̀. Ó wò mí lójú, ó ní, "Ọmọ mi, ṣé báyìí lẹ ṣe ń ṣe é?"

Mo lọ bá ẹni tó rà á, mo ní kó fún mi ní ìwé tí wọ́n kọ nídìí òṣùwọ̀n tirẹ̀. Kílò 4,000 ló wà níbẹ̀, ọ̀rinrin 12 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ti yọ omi tó ju 7.5 lọ kúrò kí wọ́n tó ṣírò owó. Ìwọ̀n ìkẹyìn nìkan ni wọ́n kọ sí rìsíìtì tí wọ́n fún ẹgbẹ́. Kò sẹ́ni tó jalè. Omi la tà. (Fọ́ọ̀mù tí mo bá nílẹ̀ ò ní àyè fún ọ̀rinrin, èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́.)

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú nìyí ju gbogbo ẹ̀ lọ: ẹ fi mítà wọn ọ̀rinrin nídìí òṣùwọ̀n, lójú àgbẹ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sí rìsíìtì rẹ̀. Tí ọ̀rinrin 7.5 bá jẹ́ ìpìlẹ̀ tí ẹ fi ń ka kòkó sí gbígbẹ, tí kílò wà ní C, tí ọ̀rinrin wà ní D, bí a ṣe ń rí kílò gbígbẹ nínú Excel nìyí:

```
=C2*(100-D2)/(100-7.5)
```

Ká ní kòkó ìyá yẹn jẹ́ 7.5, kílò 625 rẹ̀ ì bá dúró ní 625. Ẹni tó mú 625 wá ní ọ̀rinrin 14 ì bá gba owó 581, ìyẹn ni pé 44 ló yẹ kó kúrò lára tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n pín in dọ́gba, 30 péré ló san, ẹni tó sá kòkó rẹ̀ gbẹ ló bá a san ìyókù.

Nọ́ńbà rìsíìtì náà ni kí ẹ kọ sí ìwé owó, kì í ṣe orúkọ nìkan, torí ọmọ ẹgbẹ́ kan lè mú kòkó wá lẹ́ẹ̀mẹta kó sì ti gba owó sílẹ̀. Tí ẹ bá ń tà, ẹ to nọ́ńbà gbogbo rìsíìtì tó wà nínú ẹrù náà sílẹ̀. Báyìí la ti ń ṣe é, ariwo sì ti rọlẹ̀.

Tí ìwọ̀n bá tún dín, ẹ kọ́kọ́ ka àpò. Bí àpò bá dín, ẹ béèrè ẹni tó gbé e. Bí àpò bá pé, ẹ tún wọn díẹ̀ nínú wọn: òṣùwọ̀n tó bàjẹ́ a máa tàn yín lórí kòkó gbígbẹ àti tútù bákan náà, ṣùgbọ́n omi ń dín kòkó tútù kù, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan gbígbẹ. Ẹ má sì fi mítà kan òkè àpò nìkan o. Ẹ bù láti òkè, àárín àti ìsàlẹ̀, torí àwọn kan máa ń da gbígbẹ bo tútù lórí. Kòkó tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú oòrùn dé, ẹ jẹ́ kí ooru ara rẹ̀ lọ ná kí ẹ tó wọn ọ̀rinrin rẹ̀.