Ọjọ́ Tí Mo Fẹ́ Pààrọ̀ Awọ Obìnrin 28

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo kọ, díẹ̀ ló kù kó gba èémí lẹ́nu akápò ẹgbẹ́ wa.

Ìwé ìbéèrè owó ìrànwọ́ la fẹ́ fi ránṣẹ́, èmi ni wọ́n sì ní kí n kọ ibi tí a ti máa sọ ohun tí a fẹ́ fi owó náà ṣe. Àyè tí fọ́ọ̀mù fi sílẹ̀ kò tóbi: ọ̀rọ̀ 120, kò gbọdọ̀ lé. Mo kọ ọ́ lóru, mo kà á, ó jẹ́ ọ̀rọ̀ 100 géérégé. Inú mi dùn débi pé n kò rántí wò ó bóyá àmì ìdánudúró wà nínú rẹ̀. Ó wà níbẹ̀ o. Ẹyọ kan ni, ìparí ló wà.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, mo gbé e fún akápò, tí mo máa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n, pé kí wọ́n bá mi kà á sókè. Ohun tí wọ́n bá pàdé nìyí:

"Iṣẹ́ yìí, tí a fẹ́ fi ọdún méjì ṣe ní abúlé 14 tí ẹ̀rọ omi wọn ti bàjẹ́ láti ọjọ́ pípẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tó lè tún wọn ṣe nítòsí, yóò kọ́ obìnrin 28, méjì láti abúlé kọ̀ọ̀kan, ní àtúnṣe ẹ̀rọ, yóò sì pèsè àpótí irinṣẹ́ tí ìgbìmọ̀ omi yóò máa tọ́jú, kí a lè máa tú wọn palẹ̀, kí a pààrọ̀ awọ wọn tó ti gbó, kí a sì tò wọ́n padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n bá ti dákẹ́, bí ìgbìmọ̀ bá ti ra ohun èlò sílẹ̀, èyí tí a ó máa kọ sínú ìwé lóṣooṣù."

Ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ dáadáa. Nígbà tí wọ́n dé "nítòsí", wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n rí "yóò kọ́", wọ́n dúró, wọ́n sì fi ìka wá ọ̀nà padà sókè láti mọ ta ló fẹ́ kọ́ ta. Èmi náà ka àlàfo tó wà láàárín "Iṣẹ́ yìí" àti "yóò kọ́" lẹ́yìn náà: ọgbọ̀n ọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kà á ti gbàgbé ẹni tó fẹ́ ṣiṣẹ́ kó tó gbọ́ iṣẹ́ tó fẹ́ ṣe.

Wọ́n tún gbéra. Wọ́n dé "tò wọ́n padà", ojú wọn yí padà. Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n nù ún, wọ́n tún un fi sójú.

"Àbúrò, jẹ́ kó yé mi. Obìnrin 28 ni o fẹ́ tú palẹ̀?"

"Rárá o, Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀rọ ni."

"Ẹ̀rọ dà níbẹ̀? Obìnrin ni mo rí. O ní o fẹ́ tú wọn palẹ̀, o fẹ́ pààrọ̀ awọ wọn tó ti gbó, o fẹ́ sì tò wọ́n padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n bá ti dákẹ́." Wọ́n gbé ìwé náà sílẹ̀ jẹ́jẹ́. "Ṣé àjíǹde la fẹ́ tọrọ owó fún ni?"

Mo fẹ́ ṣàlàyé pé awọ kan wà nínú ọ̀pá ẹ̀rọ omi tí à ń fọwọ́ fà, pé òun ló máa ń gbé omi sókè, àti pé bó bá gbó, èèyàn á fà á títí, omi ò ní jáde. Ta ló ń gbọ́? Ẹ̀gbọ́n ti di ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn mú, wọ́n ń bi mí bóyá àwọn náà lè forúkọ sílẹ̀, nítorí awọ tiwọn náà kì í ṣe tuntun mọ́.

Ẹ̀bi "wọ́n" ni, mo sì bínú sí i gan-an. "Wọ́n" yìí kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí ẹ̀rọ. Abúlé jẹ́ wọ́n, obìnrin jẹ́ wọ́n, ẹ̀rọ jẹ́ wọ́n, Ẹ̀gbọ́n nìkan gan-an jẹ́ wọ́n. Nínú gbólóhùn kúkúrú, kò síyọnu, nítorí ohun tó súnmọ́ ọn jù là á rò. Nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, ẹni tó bá wù ú ló ń bá lọ.

Ẹ̀gbọ́n ní kí n lọ gé gbólóhùn náà. Ó yá mi lára. Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbá àmì ìdánudúró sí gbogbo ibi tí mo bá ti rí kọ́mà tó dùn ún gbá. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, gbólóhùn kan ti di mẹ́sàn-án. Ẹ wo ìparí rẹ̀:

"Ìgbìmọ̀ omi yóò máa tọ́jú àpótí. A ó máa tú wọn palẹ̀. A ó pààrọ̀ awọ wọn tó ti gbó. A ó sì tò wọ́n padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n bá ti dákẹ́. Bí ìgbìmọ̀ bá ti ra ohun èlò sílẹ̀, a ó máa kọ ọ́ sínú ìwé lóṣooṣù."

Ẹ̀gbọ́n kà á, wọ́n mi orí. "Ó dára. O ti fi àwọn obìnrin sílẹ̀. Ìgbìmọ̀ ló kàn báyìí."

Òótọ́ ni. Mo ti gé orúkọ kúrò lára "wọ́n", ó sì ti lọ di mọ́ ẹni tó bá nítòsí. Ṣùgbọ́n èyí tó burú jù kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín. Nínú gbólóhùn gígùn, ọjọ́ mẹ́ta tí mo ṣèlérí ní ohun tó so ó mọ́lẹ̀: ó dìgbà tí ìgbìmọ̀ bá ti ra ohun èlò sílẹ̀. Mo wá gbé àmì ìdánudúró sí àárín ìlérí àti "bí" rẹ̀. "Bí" tó bá ti bẹ̀rẹ̀ gbólóhùn kì í wẹ̀yìn mọ́, iwájú ló máa ń wò. Ó fò kúrò lára àtúnṣe, ó lọ jókòó ti ìwé kíkọ. Ní báyìí, a ti ṣèlérí pé ẹ̀rọ yòówù kó bàjẹ́, ohun èlò wà o, kò sí o, ọjọ́ mẹ́ta ló máa gbà. Ohun èlò ló wá di dandan kí a tó lè kọ nǹkan sínú ìwé. Ká ní wọ́n fún wa lówó lórí ìyẹn, ọjọ́ kẹrin ni a ò bá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún wọn.

"Orókún ni ẹsẹ̀ ti ń ṣẹ́ po," ni Ẹ̀gbọ́n wí. "Ojúgun ni ìwọ lọ ń kán. Wá oríkèé rẹ̀."

Wọ́n gba bírò. Wọ́n fi orí bírò lé iwájú gbólóhùn gígùn ti àkọ́kọ́, wọ́n ń fà á lọ, wọ́n sì ń béèrè ohun kan náà ní ibi gbogbo: "Ta ló ń ṣe èyí?" Níbi tí ẹni tó ń ṣe é bá ti yí padà, wọ́n á fa ìlà. Níbi tó bá jẹ́ ẹnì kan náà ló ṣì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, wọn kò ní fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá pàdé "nítorí pé" tàbí "bí", wọ́n á béèrè pé kí ló dì mú, wọ́n á sì fi ìlà yí òun àti ohun tó dì mú ká pọ̀.

Ẹ̀rọ tó bàjẹ́ àti ìdí tó fi bàjẹ́: ọ̀kan nìyẹn, iwájú ló sì yẹ kó wà, nítorí ẹni tí kò tíì gbọ́ ohun tó bàjẹ́ kò ní mọ ohun tí à ń tún ṣe. Kíkọ́ àwọn obìnrin: ìlà. "Ta ló ń kọ́ wọn?"

"Iṣẹ́ yìí ni."

"Iṣẹ́ ń kọ́ èèyàn níṣẹ́?"

Mo dákẹ́. Kì í ṣe irú ìdákẹ́ tí wọ́n ń tò padà lọ́jọ́ kẹta. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ pé kó wá kọ́ wọn. Gbólóhùn náà gùn tó láti fi ihò yẹn pa mọ́ fún èmi tí mo kọ ọ́. A tún dé "kí a lè máa tú wọn palẹ̀". Ẹ̀gbọ́n ní, "Àwa ta ni? Èmi kò mọ sípánà dì mú." Àwọn obìnrin tí a bá kọ́ ni yóò tún ẹ̀rọ ṣe, ṣùgbọ́n "a" ni mo kọ. "Èyí tí a ó máa kọ sínú ìwé" ńkọ́? Èwo ni èyí? Ohun èlò ni, àbí ọjọ́ mẹ́ta, àbí àwọn tó dákẹ́?

A pe bàbá kan tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ tún ẹ̀rọ omi ṣe kó tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní àwọn máa kọ́ wọn. Ìgbà yẹn ni mo tó lè tún un kọ. Ó di 125 lákọ̀ọ́kọ́, ó sì fi márùn-ún lé. Orúkọ tí a ń pè lẹ́ẹ̀mejì dípò "wọ́n" ló jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, n kò sì fẹ́ gbà á padà lọ́wọ́ wọn. Mo yọ "láti ọjọ́ pípẹ́", tí kò sọ iye ọjọ́ kankan, mo fún ohun kan pọ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀, ó di 119:

"Ní abúlé 14, ẹ̀rọ omi ti bàjẹ́ nítorí pé kò sí ẹni tó lè tún un ṣe nítòsí. Láàárín ọdún méjì, ẹlẹ́rọ kan tó ti fẹ̀yìn tì yóò kọ́ obìnrin 28 ní àtúnṣe ẹ̀rọ, méjì láti abúlé kọ̀ọ̀kan. A ó fún abúlé kọ̀ọ̀kan ní àpótí irinṣẹ́ kan. Ìgbìmọ̀ omi yóò máa tọ́jú àpótí, yóò sì máa ra ohun èlò sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá dákẹ́ tí ohun èlò sì wà nílẹ̀, àwọn obìnrin náà yóò tú ẹ̀rọ palẹ̀, wọn yóò pààrọ̀ awọ inú rẹ̀ tó ti gbó, wọn yóò sì tò ó padà láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Akọ̀wé ìgbìmọ̀ yóò kọ ọjọ́ tí ẹ̀rọ dákẹ́ àti ọjọ́ tó padà ṣiṣẹ́ sínú ìwé, a ó sì máa yẹ ìwé náà wò lóṣooṣù."

Ọwọ́ mi ń yún mi láti gé èyí tó gùn jù níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ 35 ni. Ẹ̀gbọ́n gbá mi lọ́wọ́. Àwọn obìnrin kan náà ló ń ṣe gbogbo rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n ń ṣe é sí, wọ́n sì ń ṣe é tẹ̀ léra, lábẹ́ "bí" kan ṣoṣo tó dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí mo bá gé e, "bí" náà á tún lọ wá ibòmíràn jókòó. Kò kúrú, ṣùgbọ́n Ẹ̀gbọ́n kà á sókè láìmí ìmí ẹlẹ́ẹ̀mejì, wọn kò sì padà sókè láti wá ẹnikẹ́ni.

A ka gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Ẹlẹ́rọ lórí fóònù ká tó fi ránṣẹ́. Wọ́n gbọ́ ọ títí, wọ́n ní ó yé àwọn dáadáa, àfi ohun kan.

"Irú ẹ̀rọ tí ẹ ń wí yìí, wọn kò lo awọ nínú rẹ̀. Rọ́bà ni."

Ọ̀rọ̀ kan bọ́ síta, ọ̀rọ̀ kan wọlé, ó ṣì jẹ́ 119. Mo pa awọ rẹ́, mo kọ rọ́bà. Ẹ̀gbọ́n fọwọ́ pa ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n ní tó bá jẹ́ rọ́bà ni, kí n yọ orúkọ àwọn kúrò nínú àwọn tó fẹ́ forúkọ sílẹ̀.