Àyẹ̀wò ọdún mi: ìpínrọ̀ kan tí mo kọ lẹ́ẹ̀mẹrin

Nínú gbogbo ohun tí mo kọ lọ́dún yìí, ìpínrọ̀ kan ṣoṣo ló gba àkókò mi jù lọ. Ó wà lábẹ́ àkọlé «Ẹ̀kọ́ tí a rí kọ́», nínú ìjábọ̀ ìparí iṣẹ́ omi kan tí ọ́fíìsì wa ṣe ní abúlé mẹ́fà lágbègbè Iléṣà. Kànga ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan la gbẹ́ fún wọn nínú oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, gbogbo rẹ̀ ló sì ń tú omi lọ́jọ́ tí a fà á lé wọn lọ́wọ́. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún yìí, méjì ti gbẹ.

Ohun tí mo kọ́kọ́ kọ ni pé «ìṣòro ìbánisọ̀rọ̀ díẹ̀ wáyé láàrin àwọn tọ́rọ̀ kàn». Kò lè bí ẹnikẹ́ni nínú, ṣùgbọ́n ẹni tó la ọ̀nà tàbí ẹni tó kọ́ ilé ìwé lè mú gbólóhùn náà bó ṣe wà, kó fi sínú ìjábọ̀ tirẹ̀, kí ó sì bá a mu. Ohun tí mo fi mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀kọ́ nìyẹn, mo sì pa á rẹ́. Èkejì le. Mo kọ ọ́ pé ìgbìmọ̀ omi abúlé yí ojú ibi tó yẹ kí a gbẹ́ kànga padà, àti pé agbaṣẹ́ṣe kánjú nígbà tó ń dán omi wò. Mo gbé e fún ẹ̀gbọ́n kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní: «Ta ló buwọ́ lu ìwé ìyípadà náà? Wákàtí mélòó la sì kọ sínú àdéhùn pé kó fi fa omi?»

Èmi ni mo buwọ́ lù ú, n kò sì ní kí wọ́n tún ilẹ̀ yẹ̀ wò. Àdéhùn kò dárúkọ wákàtí kankan. Ó kàn ní kí agbaṣẹ́ṣe «dán omi wò» ni. Wákàtí méjì ló fi fà á, kò sì rú àdéhùn.

Ọ̀rọ̀ yìí wúwo nítorí irú ilẹ̀ tí a ní. Àpáta ló wà nísàlẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Inú ilẹ̀ tó ti rà lórí àpáta náà, àti inú ẹ̀là rẹ̀, ni omi máa ń sá sí. Ibi tí ẹ̀rọ àyẹ̀wò tọ́ka sí lè lómi, kí ibi tó wà ní 80 mítà sí i má ní tó. Bẹ́ẹ̀ ni òjò sì ti gbé omi ilẹ̀ sókè nínú oṣù kẹsàn-án, tí wákàtí méjì kò fi lè sọ bí ẹ̀ẹ̀rùn yóò ṣe rí.

Nínú ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fi ohun tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú, mo fi ìpín ọ́fíìsì wa tẹ̀ lé e, mo sì kọ ọ́ pé awuyewuye lórí ilẹ̀ ló fa ìyípadà náà ní abúlé méjèèjì. Kí n tó fi ránṣẹ́, mo lọ kà á sétí àwọn baálẹ̀. Ọ̀kan fara balẹ̀ gbọ́ mi dé ìparí, wọ́n sì ní: «Ọmọ mi, a ò jà sí ilẹ̀ kankan. Ojúbọ ìdílé kan ló wà níbi tí ẹ̀rọ yín tọ́ka sí. Ẹ ò bi wá léèrè kí ẹ tó ri èèkàn mọ́lẹ̀.» Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má dárúkọ ìdílé náà.

Ohun tí mo fi ránṣẹ́ nìyí:

«Ní abúlé méjì nínú mẹ́fà, a kò gbẹ́ kànga síbi tí àyẹ̀wò ilẹ̀ tọ́ka sí. Ní ọ̀kan, ibẹ̀ jẹ́ ibi ọ̀wọ̀ fún àwọn ará abúlé, a kò sì béèrè tẹ́lẹ̀. Ní èkejì, awuyewuye wà lórí ilẹ̀ náà. Ọ́fíìsì wa fọwọ́ sí ìyípadà méjèèjì láìṣe àyẹ̀wò tuntun. Àdéhùn kò sọ iye wákàtí tí a ó fi fa omi wò. Nínú iṣẹ́ tó ń bọ̀, kí àwọn àgbà abúlé bá àwọn aláyẹ̀wò rìn ká ilẹ̀ kí a tó ri èèkàn. Kí a má gbẹ́ ibi tuntun láìyẹ̀ ẹ́ wò. Kí àdéhùn dárúkọ wákàtí tí a ó fi fa omi, kí a sì wọn bí omi ṣe ń padà bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.»

Orúkọ ìdílé kò sí níbẹ̀, ohun tó fà á sì wà níbẹ̀. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ kan pẹ̀lú pé ẹnì kan gba owó kí kànga lè sún mọ́ ilé rẹ̀. N kò ní ẹ̀rí, nítorí náà n kò fi sínú ìjábọ̀. Mo kọ lẹ́tà lọ́tọ̀ sí ọ̀gá wa, nítorí pé ìwádìí ni ìyẹn ń fẹ́.

Agbaṣẹ́ṣe ka ìpínrọ̀ náà, kò ta kò ó. Àjọ tó gbówó kalẹ̀ béèrè ohun kan ṣoṣo: ṣé ìlà tó kẹ́yìn ti wà nínú àdéhùn àwọn kànga tuntun? Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀. Lóṣù kejì tó ń bọ̀, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, la ó padà sí abúlé méjèèjì, àwọn àgbà ni yóò sì kọ́kọ́ mú wa rìn ká ilẹ̀.