Bí mo ṣe ka fọ́ọ̀mù físà fún Màámi ní Yorùbá

Èmi ni mo bá Màámi kọ fọ́ọ̀mù físà Amẹ́ríkà, DS-160, lórí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ti ka ìbéèrè tán, màá sọ ọ́ ní Yorùbá, wọn á dáhùn, màá tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀. Ibi ọ̀rọ̀ ẹbí ni mo ti ṣàṣìṣe.

Fọ́ọ̀mù náà béèrè pé: "Do you have any immediate relatives, not including parents, in the United States?" Mo ní, "Mà, ṣé ẹ ní ẹbí tó sún mọ́ yín ní Amẹ́ríkà?" Wọ́n ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi wà ní Tẹ́ksáàsì." Mo mú "Yes", mo sì mú "Sibling".

Ìgbà tí a parí, tí mo ń ka gbogbo rẹ̀ sókè fún wọn, ni wọ́n dá mi dúró. "Bàbá mi kọ́ ló bí i o. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni." Agbo ilé kan ni wọ́n ti jọ dàgbà; kí ni wọn ì bá pè é bí kò ṣe ẹ̀gbọ́n? Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù kì í ka ẹbí bí àwa ṣe ń kà á. Ọkọ tàbí aya, àfẹ́sọ́nà, ọmọ ẹni, àti ẹni tí bàbá tàbí ìyá ẹni bí nìkan ló ń béèrè níbẹ̀. Ó yẹ kí n ti bi wọ́n pé: "Ṣé ẹnì kan wà lọ́hùn-ún tí ìyá yín tàbí bàbá yín fúnra wọn bí?"

Mo padà, mo mú "No". Ìbéèrè mìíràn yọ lábẹ́ rẹ̀: "Do you have any other relatives in the United States?" Ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n Tẹ́ksáàsì bọ́ sí: "Yes". Tó bá jẹ́ pé ọmọ ìyá wọn ni, fọ́ọ̀mù á béèrè irú ìwé tí ó fi ń gbé ibẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kó má méfò o, "Other/I Don't Know" wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n tún àwọn ìbéèrè yòókù yẹ̀ wò. Wọ́n ti dá Màámi lóhùn "rárá" nígbà kan tí wọ́n fẹ́ lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n sì ti ní kí n kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti béèrè bóyá wọ́n ti fi físà du ẹni rí. Físà Amẹ́ríkà nìkan ni ìbéèrè yẹn dárúkọ: "refused a U.S. Visa". Nǹkan méjì mìíràn wà nínú rẹ̀: ṣé wọ́n ti dá yín padà lẹ́nu ibodè Amẹ́ríkà rí, àbí ẹ̀yin fúnra yín ti ní ẹ ò wọlé mọ́ nígbà tí ẹ dé ibodè? Mo kà á fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan.

Níparí, fọ́ọ̀mù béèrè bóyá ẹnì kan ran oníwèé lọ́wọ́ láti kọ ọ́. Mo mú "Yes", mo kọ orúkọ mi. Ṣùgbọ́n oníwèé fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ tẹ bọ́tìnì ìbuwọ́lùwé, nítorí náà mo dìde lórí àga, Màámi jókòó, wọ́n wọ awò ojú wọn, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́.