Báàgì Mẹ́ta, Àgọ́ Kan: Láti Milngavie Dé Fort William

Kìlómítà 154 ni ọ̀nà West Highland Way ní Skọ́tílándì. Milngavie, lẹ́bàá Glasgow, ló ti bẹ̀rẹ̀, Fort William ló parí sí. Àwa mẹ́ta la jọ rìn ín: ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àbúrò wa obìnrin, àti èmi. Inú àgọ́ la ń sùn, àwa fúnra wa la sì ń ru ẹrù wa. Kí a tó kúrò nílé, òṣùwọ̀n tí a fi ń wọn ìyẹ̀fun la fi wọn gbogbo ohun tí a fẹ́ gbé lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì kọ wọ́n sílẹ̀ láti orí èyí tó wúwo jù wá sísàlẹ̀.

Bí a bá tò ó báyìí, kíá ni a ó rí ibi tí ìnira wà. Àgọ́, àpò ìsùn àti báàgì fúnra rẹ̀ ló máa ń wà lókè. Àwọn kan á máa gé ọwọ́ búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín, gíráàmù bíi mélòó kan ni wọ́n á rí dín kù. Àpò ìsùn àtijọ́ ẹ̀gbọ́n mi wọn gíráàmù 1,800. Èyí tó yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ kún, wọn 1,000. Gíráàmù 800 kúrò lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Àmọ́ bí omi bá wọ ìyẹ́ yẹn, kì í mú ooru dúró mọ́, nítorí náà inú ọ̀rá tó nípọn ló ń gbé láti òwúrọ̀ títí a ó fi pàgọ́. Ó wá kan ṣòkòtò jíǹsì.

"Ẹ̀gbọ́n, gíráàmù 700 rèé o, òjò ò sì tíì pa á," ni àbúrò wa wí.

Ilé ni jíǹsì náà wà.

Àwọn ohun àjọlò wa jẹ́ gíráàmù 3,500. Ẹ̀gbọ́n gba aṣọ òde àgọ́, 900, pẹ̀lú àpò ìtọ́jú ọgbẹ́ àti asẹ́ omi, 300. Èmi gba aṣọ inú àgọ́, 800, àti agolo gáàsì, 380. Àbúrò wa gba àwọn ọ̀pá àti èèkàn, 700, ìkòkò 320, àti sítóòfù 100. Ìyàtọ̀ àárín wa kò tó gíráàmù 100. Ṣùgbọ́n ìpín yìí kì í dúró bẹ́ẹ̀. Gáàsì ń jó, oúnjẹ ń tán, báàgì tèmi sì ń fúyẹ́ lójoojúmọ́. Aṣọ òde àgọ́ ní tirẹ̀ ń mu omi òjò àti ìrì, ó sì ń wúwo sí i. Láràárọ̀ la máa ń gbọn omi rẹ̀ dànù, ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá fúyẹ́ jù ni a ó sì so ó mọ́ ìta báàgì rẹ̀, kó má baà rin àwọn nǹkan tó wà nínú.

Àpò ìsùn, ẹ̀wù òjò àti aṣọ òtútù kò sí nínú ohun tí a ń pín. Olúkúlùkù ló ń gbé tirẹ̀, nítorí kùrukùru lè ya ẹnì kan sọ́tọ̀. Oúnjẹ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló tó, torí ilé ìtajà wà ní Balmaha, Tyndrum àti Kinlochleven. Gàrí ni mo fọwọ́ sọ̀yà fún jù: omi tútù ti tó o, kò ná wa ní gáàsì kankan.

Ní ti aṣọ, ibi tí wọ́n ń pè ní Devil's Staircase, tó ga jù lọ lójú ọ̀nà náà ní mítà 550, ló fi bó ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn kedere. Otútù ń mú wa nísàlẹ̀, síbẹ̀ a bọ́ súwẹ́tà kí a tó gbẹ́sẹ̀ gòkè, ó wá ku ẹ̀wù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ onírun àgùntàn nìkan lára wa. Ẹni tó bá fi aṣọ tó nípọn gòkè á làágùn, òógùn náà ni yóò sì di yìnyín sí i lára nígbà tó bá dúró. Ẹ̀wù onírun àgùntàn máa ń gbẹ lára ẹni; ti òwú á tutù mọ́ni lẹ́yìn fún wákàtí púpọ̀. Kí a tó dé òkè gan-an, a dúró lẹ́yìn àpáta kan, a wọ súwẹ́tà, a fi ẹ̀wù òjò lé e, torí afẹ́fẹ́ tó wà lókè ju òtútù lọ. Jákẹ́ẹ̀tì tó nípọn jù wà lókè báàgì, ìgbà tí a bá jókòó jẹun nìkan la ń wọ̀ ọ́. Àbúrò wa gbé ọwọ́ sí ẹ̀yìn ọrùn mi, ó ní ó ti gbẹ, a sì lè máa lọ.

A sọ̀ kalẹ̀ sí Kinlochleven nínú oòrùn, súwẹ́tà tún padà sínú báàgì. A na aṣọ òde àgọ́ sórí odi fún bí ìdajì wákàtí, ẹ̀gbọ́n sì gbà á padà ní gíráàmù 900 rẹ̀ fún ìrìn tó kù.