Ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, o kú ọdún kòkó

Àkúrẹ́, Ọjọ́bọ̀, 1 Jánúárì 2026

Ìyá Ìbejì mi, mo ti fi mẹ́sééjì kékeré ránṣẹ́ sí ẹ láàárọ̀ bí gbogbo èèyàn ṣe ń ṣe, ṣùgbọ́n ohun tí mo fẹ́ sọ gan ò wọ inú ẹ̀, torí náà mo ní kí n kọ ọ́ síbí, ìwọ náà máa kà á tó o bá ráàyè. Mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ fún 2025. Mi ò ní ṣe àdúrà gígùn, ìyẹn ti tó ní krósófà alẹ́ àná, ohùn pásítọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Ṣé o rántí Jánúárì tó kọjá? A ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe ogójì ọjọ́ Bàbá tán ni, àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ ti ń sọ pé kí wọ́n fi oko ọ̀nà Ìdànrè yẹn háyà fún àlejò kan tó kó owó wá, torí owó kòkó ti ya wèrè. Irọ́ kọ́ o, ní Disẹ́ḿbà 2024, tọ́ọ̀nù kan kọjá ẹgbẹ̀rún 12 dọ́là lọ́jà Níú Yọ́ọ̀kì, irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, gbogbo ẹni tó ní igi mẹ́ta lẹ́yìnkùlé l'Ákùrẹ́ ló ń pe ara ẹ̀ ní àgbẹ̀ nígbà yẹn. Ìwọ lo dìde láàárín àwọn ọkùnrin yẹn tó o ní oko tí Bàbá fi rán yín níléèwé, o ò ní fi lé ẹni tó máa fún un gbẹ lọ́dún méjì lọ́wọ́. Mo wà níbẹ̀, mo ń bá yín gbé abọ́ jọ̀lọ́ọ̀fù, mo kàn dákẹ́. Àfi bó o ṣe pè mí lọ́jọ́ kejì, èmi tó jẹ́ pé kúlà àti abọ́ rọ́bà ni mò ń tà l'Ọ́jà Ọba, o ní kí n fi owó sí i, ti pọ́ńpù, ti oògùn àti ti lébìrà, kí Bàbá Alágbàṣe mú ìdá kan nínú mẹ́ta bó ṣe máa ń mú un, kí àwa méjèèjì pín ìyókù. Ọkọ mi ní ṣé orí mi pé. Mo ní jẹ́ kó dà bẹ́ẹ̀ ná.

Mi ò ní sọ nípa kòkó ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kékeré tó jáde yẹn, owó lébìrà ló jẹ ẹ́ tán. Àárín òjò ni mo ti mọ irú èèyàn tó o jẹ́, pé mo ti mọ̀ ẹ́ láti fọ́ọ̀mù wáànù ò já mọ́ nǹkan kan. Nígbà tí àmì búráùn kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára kòkó ìsàlẹ̀ igi, Bàbá Alágbàṣe ti gbé pọ́ńpù kọ́rùn, ó fẹ́ máa fín in lọ, ìwọ lo ní rárá, kí wọ́n kọ́kọ́ já gbogbo èyí tó ti lámì kúrò. O ṣàlàyé ẹ̀ fún mi lábẹ́ igi níbẹ̀, mo ṣì ń gbọ́ ohùn ẹ. O ní oògùn kọ́pà yẹn kì í wo èyí tó ti ràn, èyí tí kò tíì ràn ló ń ṣọ́, ó gbọ́dọ̀ ti wà lára èso kí àrùn tó débẹ̀. O ní òjò gan ló ń gbé àrùn yẹn kiri, omi tó ta láti ilẹ̀ tàbí láti ara èyí tó ti rà sára èyí tó dáa, ó ti parí, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì gbogbo ẹ̀ á ti dúdú, á sì máa ta sí ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Nítorí náà fífín in sórí igi tí kòkó rírà ṣì kọ́ sí, owó lò ń dà sínú koto.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, à ń já a, à ń kó o jáde nínú oko pátápátá, torí tó o bá jù ú sábẹ́ igi ibẹ̀ náà ló ti máa padà wá. A gé àwọn ẹ̀ka tó wọnú ara wọn kí afẹ́fẹ́ lè ráyè kọjá, lẹ́yìn ìyẹn la wá ń fín oògùn ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mẹ́ta, nígbà tí òjò bá dá díẹ̀, torí òjò máa ń fọ̀ ọ́ lọ. Èyí tó ti fẹ́ gbó kó tó dúdú, o ò jẹ́ ká dà á nù, o ní ká fọ́ ọ lójú ẹsẹ̀ ká wò ó, lóòótọ́ ọ̀pọ̀ ẹ̀ ni inú ẹ̀ ṣì dáa, àmọ́ ọ̀tọ̀ lo ní ká kó o sí kó má ba gidi jẹ́. A pàdánù kòkó o, kì í ṣe kékeré. Ṣùgbọ́n oko tó wà lódìkejì odò, tí wọ́n kàn ń fín oògùn lójoojúmọ́ ayé, tiwọn dúdú láti ìdí dé orí.

Ọkọ̀tọ́bà wá dé, kòkó gidi ti pọ́n, wàhálà mìíràn. Owó ti ń wálẹ̀, gbogbo èèyàn ń sáré tà, àwọn kan ń tà á ní tútù, àwọn kan sá a fún ọjọ́ méjì lórí ọ̀dà títì Àkúrẹ́ sí Oǹdó tí mọ́tò ń gùn ún mọ́lẹ̀ (mi ò mọ ẹni tó ń jẹ ṣokoléètì yẹn, Ọlọ́run má jẹ́ n bá wọn jẹ ẹ́). Èmi gan ní ká tà jàre, ọmọ fẹ́ san owó iléèwé. O ò jà. O kàn ní, "Ìyá Bọ́lú, fún mi ní ọjọ́ mẹ́fà ná." O tẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ sílẹ̀, o jẹ́ kó fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan díẹ̀ kí omi ẹ̀ lè máa ṣàn lọ, o kó kòkó tútù sórí ẹ̀ ní òkìtì, o tún fi ewé bò ó, o gbé igi lé e. O ní kó pọ̀ dáadáa, torí òkìtì kékeré kì í gbóná, tí kò bá sì gbóná inú ẹ̀ ò ní yí. Ní ọjọ́ kejì o ní ká yí i, ti òkè sísàlẹ̀, ti ẹ̀gbẹ́ sáàárín, ní ọjọ́ kẹrin a tún yí i. Nígbà tí mo ki ọwọ́ bọ inú ẹ̀ mo pariwo, ó gbóná bí omi ìwẹ̀ abiyamọ, òórùn ọtí kíkan wá bo gbogbo ibẹ̀. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Òórùn owó nìyẹn."

Lẹ́yìn ìyẹn la sá a sórí tàpólì tá a gbé lé orí pẹpẹ ọparun, à ń fi ọwọ́ rò ó láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, tí ojú ọ̀run bá ṣú ká sáré ká a. Ó tó bí ọjọ́ mẹ́sàn-án kó tó gbẹ dénú. Ẹ̀ẹ̀kan tí Bàbá Alágbàṣe fẹ́ dá iná igi sábẹ́ ẹ̀ kó lè yá, o fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a jà, torí èéfín máa ń wọ inú ẹ̀, kò sì sí ohun tó lè yọ ọ́ mọ́. O kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti tó: bu ẹ̀kúnwọ́ kan, fún un pọ̀, tó bá ń dún kẹ́kẹ́ ó ti gbẹ, tó bá dákẹ́ dá a padà sóòrùn. O tún fi ọ̀bẹ la díẹ̀ sí méjì lóòró, inú ẹ̀ búráùn, ó sì ti là bí ó ṣe yẹ. O mú ọ̀kan látọ̀dọ̀ aládùúgbò wa là, inú tiẹ̀ rí bí eérú, ó le gbagidi, o ní ìyẹn ò gbóná rárá kí wọ́n tó sá a. Nínú òkìtì àkọ́kọ́ yẹn, kílò 180 la wọ̀n ní tútù, 68 ló kù nígbà tó gbẹ, àpò kan àti èérún lókè ẹ̀. Mo wo àpò yẹn títí. Mo ní ṣé gbogbo làálàá yìí lèyí?

Ibi tó o ti wá pa mí lẹ́rìn-ín tó o sì tún gbà mí sílẹ̀ ni ọjọ́ tá a gbé kòkó lọ tà. Oníkòkó yẹn gbé àpò wa sórí òṣùwọ̀n, ó ní kílò 58. Èmi ti fẹ́ gbà, mo rò pé bóyá ó tún gbẹ lójú ọ̀nà ni. Ìwọ ò sọ̀rọ̀, o lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, o bẹ ọmọ kan kó bá ẹ gbé àpò sìmẹ́ńtì kan tí wọn ò tíì tú wá, o ní kó gbé e sórí òṣùwọ̀n náà. Sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ 50 sí lára gbangba, 45 ló sọ. Gbogbo èèyàn tó wà níbẹ̀ dákẹ́. O ò bú ẹnikẹ́ni o, o kàn ní, "Ẹ ṣeun sà," o ní kí wọ́n gbé kòkó wa padà sínú kẹ̀kẹ́ Márúwà. Níbi kejì àpò kan náà fi nǹkan díẹ̀ kọjá 64. Títí di òní mi ò lè rí àpò sìmẹ́ńtì kí n má rẹ́rìn-ín.

Kí n sọ òótọ́ ṣá, ẹni tó ra tiwa kò fi kọ́bọ̀ kan lé e nítorí pé a jẹ́ kó gbóná dáadáa. Iye kan náà ló ra ti àwọn tó sá a lójú títì. Ohun tá a jèrè ni pé kò yọ kílò kankan kúrò nítorí omi, kò sì dá èyíkéyìí padà, nígbà tí wọ́n ń já ti ẹlòmíràn sílẹ̀ lójú wa. Nígbà tí owó wà lókè wọn ò wo nǹkan kan, bó ṣe wálẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọwọ́ bọ àpò. Ìparí 2025, tọ́ọ̀nù ti wálẹ̀ tó ìdajì iye tó jẹ́ ní Disẹ́ḿbà 2024, nítorí náà owó tá a rò kọ́ la rí. Mo mọ̀ pé ó dùn ẹ́, pàápàá nítorí ohun tí àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ máa sọ. Tí wọ́n bá bi ẹ́, ní kí wọ́n wá bi mí.

Àmọ́ èyí tí mo ń dúpẹ́ fún jù kò sí nínú ìṣirò yẹn. Nígbà tí wọ́n gba ìyá mi sílé ìwòsàn ní Nòfẹ́ḿbà, tí kòkó kejì wà lórí tàpólì, ìwọ nìkan lo sá a, o ká a, o tún sá a, tó bá di ìrọ̀lẹ́ wàá wọ mọ́tò láti Ìdànrè wá pẹ̀lú fúláàsì ògì. O ò sọ fún mi pé òjò ba díẹ̀ jẹ́ lọ́jọ́ kan, Bàbá Alágbàṣe ló jẹ́ kí n gbọ́. Nígbà tá a sì fẹ́ pín owó, o yọ ti èyí tó bàjẹ́ yẹn kúrò nínú tìẹ. Mo rí i. Mi ò sọ nǹkan kan nígbà yẹn torí ẹkún ti fẹ́ gbọ̀n mí, ṣùgbọ́n mo ti fi ìdajì ẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì ẹ láàárọ̀ yìí, jọ̀ọ́ má dá a padà.

Ọdún tuntun á tura fún ẹ, ìwọ àtàwọn ìbejì. Mo ń bọ̀ l'ọ́jọ́ Sátidé. Kòkó tó dúdú tó sì gbẹ mọ́ orí igi ṣì pọ̀ lápá odò yẹn, o sọ pé inú ẹ̀ ni àrùn máa ń sùn sí de òjò, ẹ jẹ́ ká já gbogbo ẹ̀ báyìí tí ọyẹ́ ṣì ń fẹ́. Sọ fún Bàbá Alágbàṣe kó pọ́n dòjé, èmi á ra búrẹ́dì àti ẹja tútù bọ̀ láti Ọjà Ọba, ìwọ ṣáà rí i pé ata wà nílé.