Ilẹ̀ tí mo rà kò tó bí ejẹ́ǹtì ṣe sọ: bí mo ṣe kọ ẹ̀sùn títí tí owó fi padà

Kí èèyàn tó sanwó ilẹ̀, ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu ejẹ́ǹtì máa ń pọ̀, kì í sì í ṣe gbogbo rẹ̀ la lè fi mú un. Ejẹ́ǹtì tó mú mi dé ilẹ̀ tí mo rà ní Ìkòròdú sọ pé owó ilẹ̀ náà máa di ìlọ́po méjì láìpẹ́. Ó ní àwọn èèyàn pàtàkì ló ń kọ́lé sí àdúgbò náà. Ìpolówó ọjà nìyẹn, kò sí adájọ́ tó máa fi ìyà rẹ̀ jẹ ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó tún sọ pé odindi pulọ́ọ̀tì kan ni, ẹsẹ̀ bàtà 60 ní ìbú, 120 ní òró. Ìyẹn kì í ṣe ìpolówó mọ́. A lè fi téèpù wọ̀n ọ́n, bí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, irọ́ ni. Orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí ni mo gbé gbogbo ẹ̀sùn mi kà. Èmi gbà pé òun ló jẹ́ kó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, nítorí bí mo bá ti kó gbogbo àròyé mi pọ̀, wọn ìbá mú èyí tó rọrùn láti jiyàn sí, wọn ìbá sì fi bo èyí tí wọn ò lè jiyàn sí mọ́lẹ̀.

₦12,000,000 ni mo san. Wọ́n já rìsíìtì fún mi, ìdílé tó ni ilẹ̀ fọwọ́ síwèé, mo sì pe wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tèmi pé kó wá ṣe ìwé sọ́fè lórúkọ mi, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń ṣe tí wọ́n bá sanwó tán. Ó gbé ẹ̀rọ rẹ̀ kalẹ̀, ó wo pílà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó tún un wò. Ló bá pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ pílà tó wà nídìí ọ̀pẹ, ó ní, "Mọ̀mí, ẹsẹ̀ bàtà mélòó ni wọ́n ní ẹ rà?" Mo sọ fún un. Kò dá mi lóhùn. Ó fún ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ní orí téèpù kan, wọ́n nà án láti pílà yẹn dé èkejì lójú mi. Mítà 15 ó lé díẹ̀ ni iwájú ilẹ̀. Ẹsẹ̀ bàtà 60 sì yẹ kó lé ní mítà 18.

Nígbà tí ìwé jáde, kò sí iyèméjì mọ́. Lára ìlà kọ̀ọ̀kan tó yí ilẹ̀ ká nínú ìwé sọ́fè, wọ́n máa ń kọ bí ó ṣe gùn tó ní mítà, wọ́n á sì kọ àpapọ̀ fífẹ̀ ilẹ̀ náà. Ohun tó wà nínú tèmi ni 15.24 níbùú, 30.48 lóròó. Ẹ sọ ọ́ di ẹsẹ̀ bàtà, 50 sí 100 ni. Sikúwéà mítà 464.5 ni gbogbo rẹ̀, nígbà tí 60 sí 120 jẹ́ sikúwéà mítà bíi 669. Ẹni tó bá mọ nọ́ńbà wọ̀nyí lórí lè yẹ ìwé sọ́fè tí wọ́n bá gbé fún un wò kó tó sanwó rárá, nítorí oríṣi pulọ́ọ̀tì méjèèjì ló wà ní ọjà. Ọ̀pọ̀ ibi ní Èkó, 60 sí 120 ni wọ́n ń pè ní pulọ́ọ̀tì kan. Ní Ìbàdàn àti ọ̀pọ̀ ibi ní ìpínlẹ̀ Ògùn, 50 sí 100 ni. Inú àlàfo yìí làwọn kan ti ń jẹun: wọ́n á ta èyí tó kéré ní iye èyí tó tóbi.

Kí n tó pe ejẹ́ǹtì, mo kọ́kọ́ kó ẹ̀rí mi jọ. Ìpolówó tó fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, "60 by 120" wà nínú rẹ̀ gbàgàdà. Ohùn rẹ̀ tó gbà sílẹ̀ fún mi nígbà tí mo béèrè, ó tún un sọ níbẹ̀. Mo lo "Export chat" láti kó gbogbo ọ̀rọ̀ wa jáde pẹ̀lú ọjọ́ àti aago, mo sì fi fóònù náà pamọ́ láìpa ohunkóhun rẹ́. Lọ́yà mi ló kìlọ̀ fún mi nípa èyí: bí ọ̀rọ̀ bá dé kóòtù, abala 84 nínú Òfin Ẹ̀rí ti 2011 fẹ́ kí a fi ìwé ẹ̀rí ti ohun tó bá jáde láti inú fóònù tàbí kọ̀ǹpútà lẹ́yìn, kí á lè sọ ẹ̀rọ tó ti wá àti bí ó ṣe jáde. Àwòrán ojú fóònù tí ẹnìkan fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn kò lè dúró bẹ́ẹ̀. Mo tún gba lẹ́tà kúkúrú lọ́wọ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀, pẹ̀lú òǹtẹ̀ rẹ̀, pé ohun tó bá lórí ilẹ̀ nìyí.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣírò ohun tí mo fẹ́ gbà. Ìṣirò yìí ṣe pàtàkì ju ìbínú lọ. Ohun tí wọ́n tà fún mi jẹ́ sikúwéà ẹsẹ̀ bàtà 7,200, 5,000 ni mo rí gbà, 2,200 ló dín. Ẹ pín 2,200 sí 7,200, ẹ sọ ọ́ di púpọ̀ lọ́nà ₦12,000,000, ₦3,666,667 ni. Mo fi apá tó yẹ kó dín nínú owó iṣẹ́ ejẹ́ǹtì kún un, nítorí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà lórí iye tí kò tọ́, ìyẹn ₦600,000. ₦183,333 ló yẹ kó dá padà níbẹ̀. Tí èèyàn bá gbé nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ kalẹ̀, tó sì fi bó ṣe dé ibẹ̀ hàn, ẹni tó ń jiyàn ní láti fi ìṣirò tirẹ̀ jiyàn.

Ejẹ́ǹtì nìkan kọ́ ni mo kọ lẹ́tà sí. Owó gidi wà lọ́wọ́ ìdílé, owó iṣẹ́ lásán ló wà lọ́wọ́ tirẹ̀, bí mo bá sì kọ sí ẹnìkan, ekejì á ní kò kan òun. Lójú òfin, ohun tí ejẹ́ǹtì bá sọ lẹ́nu iṣẹ́ tí onílẹ̀ gbé fún un, ọrùn onílẹ̀ ló ń wà. Bí ejẹ́ǹtì fúnra rẹ̀ bá sì mọ̀ pé irọ́ ni, òun náà ní ẹjọ́ jẹ́. Nítorí náà mo kọ ọ́ sí àwọn méjèèjì, mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí lọ́yà tó ṣe ìwé àdéhùn. Ojú ìwé kan àbọ̀ péré ni. Mo sọ ohun tí wọ́n sọ fún mi, ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́, ẹni tó sọ ọ́. Mo sọ ohun tí wọnlẹ̀wọnlẹ̀ bá. Mo sọ pé nítorí ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ṣe san iye tí mo san. Mo wá gbé ọ̀nà mẹ́ta síwájú wọn: kí wọ́n fi ilẹ̀ tó kù kún un láti ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n dá owó tó lé padà, tàbí kí wọ́n gba ilẹ̀ wọn kí n gba gbogbo owó mi. Mo fún wọn ní ọjọ́ 14. Kò sí èébú kan nínú rẹ̀.

Èsì wọn dé, ohun tí mo retí náà ni. Ejẹ́ǹtì ní, "Mọ̀mí, ṣebí ẹ wá wo ilẹ̀ yín kí ẹ tó sanwó?" Mo dá a lóhùn pé mo wò ó lóòótọ́, nínú igbó, ojú kì í sì í wọn ilẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ irọ́ mú èèyàn wọ àdéhùn kò lè sọ pé ìwọ ni o kò wádìí dáadáa. Wọ́n ní ìwé àdéhùn sọ pé ilẹ̀ náà tó bẹ́ẹ̀ "tàbí kó dín tàbí kó lé díẹ̀." Gbólóhùn yẹn wà fún ìwọ̀nba àṣìṣe tí téèpù lè ṣe. Ohun tó lé ní ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá kì í ṣe díẹ̀. Wọ́n tún ní ní àdúgbò yẹn, 50 sí 100 ni gbogbo èèyàn ń rà. Mo tọ́ka sí ìpolówó tiwọn.

Ní àsìkò yẹn, mi ò gbé yanrìn tàbí búlọ́ọ̀kù kan débẹ̀. Àwọn ẹbí ń sọ pé kí n tètè ṣe fẹ́ǹsì kí ọmọ onílẹ̀ má baà tún tà á. Lọ́yà ní kí n má ṣe é: ẹni tó bá mọ àléébù, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé, ó ti fi ìṣe rẹ̀ sọ pé òun gbà á bẹ́ẹ̀, ẹ̀tọ́ láti dá ilẹ̀ padà sì lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Pátákó kékeré tó ní orúkọ mi nìkan ni mo rì síbẹ̀.

Ìdílé wá fi ₦500,000 sí àkáǹtì mi láìsọ fún mi, wọ́n sì fi ìwé kan ránṣẹ́ pé kí n fọwọ́ sí i pé ọ̀rọ̀ ti parí. Mi ò fọwọ́ sí i. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an pé mo rí owó náà, mo sì kà á sí apá kan nínú gbèsè. Ìdákẹ́jẹ́ níbi tí irú owó bẹ́ẹ̀ bá ti wọlé léwu, nítorí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí lẹ́yìn ọ̀la pé o ti gbà.

Nígbà tí ọjọ́ 14 pé, mo gbé ẹ̀dà lẹ́tà náà lọ sí Citizens' Mediation Centre ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, níbi tí wọ́n ti ń làjà láìgba owó lọ́wọ́ ẹni. LASRERA, àjọ ìjọba tó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀, náà wà ní Èkó fún ẹ̀sùn lórí àwọn ejẹ́ǹtì, mo sì sọ nínú lẹ́tà pé ibẹ̀ ló kàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò lọ sí kóòtù fún gbèsè kékeré, tó ń gbọ́ ẹjọ́ tí kò ju ₦5,000,000 lọ. Kóòtù yẹn wà fún gbèsè tí iye rẹ̀ ti dájú. Bí wọ́n bá ṣì ń jiyàn lórí bóyá wọ́n jẹ mí rárá, kò tíì di irú gbèsè bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí wọ́n bá fọwọ́ síwèé pé iye báyìí la máa san ló tó di bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ ìlàjà tó parí sórí ìwé.

Olórí ìdílé wá, bàbá àgbà ni, ejẹ́ǹtì náà wá. Lẹ́yìn tí wọ́n gbé ìwé sọ́fè sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìpolówó, bàbá bi ejẹ́ǹtì pé, "Ta ló ní kí o sọ 60 sí 120?" Kò rí nǹkan sọ. A fẹnu kò sí ₦3,200,000 ní ẹ̀ẹ̀mejì, ₦500,000 àkọ́kọ́ wà nínú rẹ̀, ejẹ́ǹtì sì dá tirẹ̀ padà lọ́tọ̀. Ó dín sí ohun tí mo béèrè. Mo gbà á nítorí pé ilẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi tó mi láti kọ́lé, àti pé ọjọ́ tí wọ́n máa san án wà nínú ìwé tí gbogbo wa fọwọ́ sí.

Nígbà tí owó ìkẹyìn wọlé, mo ní kí lọ́yà tún ìwé àdéhùn kọ, kí 464.5 wà nínú rẹ̀ dípò ìwọ̀n ti tẹ́lẹ̀, kí ìdílé sì tún un fọwọ́ sí. Bí ìwọ̀n inú ìwé àdéhùn bá yàtọ̀ sí ti ìwé sọ́fè, ó máa dí mi lọ́wọ́ ní Aláùsá nígbà tí mo bá fẹ́ gba ìfọwọ́sí gómìnà lórí ilẹ̀ náà.