Pápá 90 sí 48 ní Ṣómólú: okùn, èèkàn àti ìlà ìdábùú

Pápá ẹ̀yìn ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àdúgbò wa ní Ṣómólú kò ní ìlà kankan. Bàtà ni àwọn ọmọ fi ń ṣe òpó gọ́ọ̀lù, ariwo ni wọ́n sì fi ń ṣe réfìrì. Èmi ni mo ń kọ́ wọn ní bọ́ọ̀lù ní ìrọ̀lẹ́. Nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé gbà pé ká fi ọ̀dà sí ilẹ̀, mo ní kí n máa kọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ, bóyá ẹnì kan ní Mushin tàbí Àjẹgúnlẹ̀ á rí i lò.

Ìwọ̀n tí a mú

Láti ògiri dé ògiri, ilẹ̀ náà tó mítà 97 ní gígùn àti mítà 55 ní ìbú. Mítà 105 sí 68 tí ọ̀pọ̀ pápá ìṣeré ńlá ń lò kò lè wọ ibẹ̀, kò sì di dandan kó wọ ibẹ̀. Òfin Kìíní nínú ìwé òfin bọ́ọ̀lù fàyè gba gígùn láti 90 dé 120 àti ìbú láti 45 dé 90, bí gígùn bá ṣáà ti ju ìbú lọ. Ìdíje orílẹ̀-èdè sí orílẹ̀-èdè ni wọ́n fún un mọ́ra sí: 100 dé 110 ní gígùn, 64 dé 75 ní ìbú.

Mo mú 90 sí 48. Mítà mẹ́ta àbọ̀ á ṣẹ́ kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan kí ọmọ tó ń sáré má lọ forí sọ ògiri. Àwọn kan bi mí pé kí ló dé tí n kò kúkú mú 50, kó rọrùn láti rántí. Ìlà ìdábùú ló fà á, ìyẹn ìlà tó ti igun kan lọ sí igun tó dojú kọ ọ́. 90 lọ́nà 90 jẹ́ 8100. 48 lọ́nà 48 jẹ́ 2304. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ó di 10404, èyí tó jẹ́ 102 lọ́nà 102 gééré. Nítorí náà, ìdábùú pápá wa jẹ́ mítà 102 láìsí sẹ̀ǹtímítà kankan lórí rẹ̀. Bí ẹ bá ní ilẹ̀ tó gba 105 sí 68, mítà 125 àti sẹ̀ǹtímítà 10 ni ìdábùú tiyín.

Ohun èlò

Téèpù mítà 50, irú èyí tí àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ń lò. Okùn bíríkìlà tín-ín-rín tí mo rà ní Ìdúmọ̀tà. Èèkàn pákó tí gbẹ́nàgbẹ́nà fún wa, tí a gbẹ́ ẹnu rẹ̀ ṣóńṣó. Òòlù, àti ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí mo fẹ́ fi ṣe àárín róbótó.

Okùn wà fún títọ́ ìlà, kì í ṣe fún wíwọ̀n. Láílọ́ọ̀nù ni okùn bíríkìlà, ó sì máa ń nà. Mo gé okùn kan sí mítà 9 àti sẹ̀ǹtímítà 15, mo ní kí ọmọkùnrin kan fà á dáadáa, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ di 9.40. Ẹni tó bá fi irú okùn bẹ́ẹ̀ wọn mítà 90, bí ọwọ́ ẹni tó ń fà á bá ṣe le tó ni pápá rẹ̀ á ṣe gùn tó.

Sátidé, kí oòrùn tó mú

A fún igun kọ̀ọ̀kan lórúkọ kí ariwo lè dín kù: Mángòrò àti Géètì ní ẹ̀gbẹ́ ìbú tó sún mọ́ ojú títì, Kíláàsì àti Kànga ní òdìkejì. Kíláàsì wà ní iwájú Mángòrò, Kànga wà ní iwájú Géètì.

Èèkàn Mángòrò la kọ́kọ́ kàn. A wọn mítà 48 sí Géètì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, a kan èkejì, a sì fa okùn láàárín wọn. Ohun tó kàn ni igun tó tọ́. Bàbá bíríkìlà kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa wá ràn wá lọ́wọ́. Ó wọn mítà mẹ́ta lórí okùn láti Mángòrò, mítà mẹ́rin sí ọ̀nà Kíláàsì, ó sì sún èèkàn títí ibi tó wà láàárín àwọn méjèèjì fi di mítà márùn-ún.

“Kóòṣì, igun yìí ti tọ́,” ni Bàbá wí. “Bí a ṣe ń ta ìpìlẹ̀ ilé nìyí.”

“Ẹ ṣeun, Bàbá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ìdábùú náà.”

Láti ibẹ̀ la ti fa okùn lọ títí dé mítà 90. Téèpù kò gùn tó, nítorí náà a kan èèkàn sí mítà 50, ẹnì kan dúró lẹ́yìn Mángòrò, ó dijú kan, ó ń pàṣẹ “sún sọ́tùn-ún díẹ̀” títí èèkàn fi bá okùn mu, kí a tó wọn 40 tó kù. A ṣe bákan náà láti Géètì, a sì rí i pé Kíláàsì sí Kànga jẹ́ 48. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń kó èèkàn sílẹ̀ kí wọ́n gbé ọ̀dà nìyí. Nígbà tí a wọn ìdábùú, Mángòrò sí Kànga jẹ́ 102.16, Géètì sí Kíláàsì sì jẹ́ 101.84. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbogbo pápá ti fì sí apá Kànga.

Bàbá kò gbà lákọ̀ọ́kọ́, mo sì mọ ìdí rẹ̀. Ọ̀nà tó lò kò ní àbùkù fún ilé. Àṣìṣe sẹ̀ǹtímítà kan àbọ̀ ní òpin mítà mẹ́rin kò tó nǹkan, ìbú èèkàn pákó lásán jù ú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ fa ìlà yẹn dé mítà 90, ó ti di sẹ̀ǹtímítà 34. Bẹ́ẹ̀, sísún tó tó 34 yìí kò fi gígùn ẹ̀gbẹ́ pápá kún ju ìdá kan nínú mẹ́wàá sẹ̀ǹtímítà lọ, ìdí nìyí tí téèpù kò fi lè fi í hàn ní ẹ̀gbẹ́. Ìdábùú nìkan ló máa ń tú àṣírí rẹ̀.

Àtúnṣe rẹ̀ kò le, ẹ má ṣe fa èèkàn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tu. A fi Mángòrò àti Géètì sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ìyàtọ̀ ìdábùú méjèèjì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 32. Fún pápá 90 sí 48, ẹ pín ìyàtọ̀ náà sí 0.94, ó fún wa ní 34. A wá sún Kíláàsì àti Kànga papọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 34, kúrò lápá Kànga síhà Kíláàsì. A tún ìdábùú wọ̀n, ọ̀kan jẹ́ 102.00, èkejì jẹ́ 102.01. Bàbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun á máa wọn ìdábùú ilé oníyàrá mẹ́rin láti òní lọ.

Sátidé kan náà, lẹ́yìn òjò

Kí a tó da ọ̀dà, ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ ká yanjú: apá wo lára ìlà ni okùn dúró fún? Ìlà jẹ́ ara àgbègbè tó yí ká. Nítorí náà, 90 àti 48 jẹ́ ìwọ̀n láti etí ìta dé etí ìta, inú okùn sì ni ọ̀dà ń bọ́ sí. Ìlà àárín pápá nìkan ni a pín sí ọwọ́ méjèèjì okùn. Òfin ní ìlà kò gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ, ìlà gọ́ọ̀lù sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ tó òpó gọ́ọ̀lù. Páìpù sẹ̀ǹtímítà 10 ni wẹ́dà máa fi ṣe òpó wa, torí náà gbogbo ìlà jẹ́ 10.

Ọ̀dà ẹ́múṣọ̀nù funfun tí a fi omi là ni a lò. Ẹnì kan fẹ́ kí a lo láìmù nítorí pé ó rọ̀jú, mo kọ̀. Ó ń jó awọ ara tó ti láàgùn, ó sì burú fún ojú. Ọmọdé ló ń ṣubú lórí ìlà wọ̀nyí.

Sátidé tó tẹ̀lé e: éétíìnì

Àwọn nọ́ńbà tó dà bí ẹni pé wọ́n kàn ṣà wọ́n jọ ni a fẹ́ lò báyìí, ṣùgbọ́n yáàdì ni orísun wọn: gọ́ọ̀lù jẹ́ yáàdì 8, ojú pẹ́náritì wà ní yáàdì 12, bọ́kìsì ńlá jẹ́ yáàdì 18. Ní mítà, wọ́n di 7.32, 11 àti 16.5.

Láti inú òpó gọ́ọ̀lù ni òfin ti ń wọn bọ́kìsì, òpó kò sì tíì dé. Àárín ìlà gọ́ọ̀lù, ní mítà 24 láti igun, ni mo fi ṣe ìbẹ̀rẹ̀. Ìdajì gọ́ọ̀lù jẹ́ 3.66. Ẹ fi 5.5 kún un fún bọ́kìsì kékeré, ó di 9.16. Ẹ fi 16.5 kún 3.66 fún bọ́kìsì ńlá, ó di 20.16. Nítorí náà, lọ́tùn-ún àti lósì àárín, èèkàn mẹ́ta-mẹ́ta: 3.66, 9.16, 20.16. Lẹ́yìn náà, 5.5 àti 16.5 wọ inú pápá. Ọ̀nà tó yá jù láti mọ̀ bóyá bọ́kìsì ńlá fì ni kí ẹ wọn àyè tó wà láàárín rẹ̀ àti ìlà ẹ̀gbẹ́ pápá, ní ìdí àti ní orí. Tiwa gbọ́dọ̀ jẹ́ 3.84 níbi méjèèjì, ó sì rí bẹ́ẹ̀.

Fún róbótó àárín, mo pa okùn láílọ́ọ̀nù tì, mo lo wáyà tí kò nà. Ojú rẹ̀ tó yípo lórí irin ní láti dẹ̀, nítorí bí wáyà bá ń wé mọ́ irin bí a ṣe ń rìn yípo, róbótó á máa kéré sí i, ìparí rẹ̀ kò sì ní bá ìbẹ̀rẹ̀ pàdé. 9.15 ni dé etí ìta ìlà. Wáyà yẹn kan náà la gbé lọ sí ojú pẹ́náritì, mítà 11 sí etí ìta ìlà gọ́ọ̀lù, láti fa ìlà tó tẹ̀ níwájú bọ́kìsì. Ó gbọ́dọ̀ gé orí bọ́kìsì ní 7.31 lọ́tùn-ún àti lósì àárín. Lápá Kànga ó jẹ́ 7.31 àti 7.33, mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó kù

Òjò á fọ ọ̀dà yìí, kò sí àní-àní. Nítorí náà, a yọ èèkàn pákó igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, a fi ọ̀pá irin kúkúrú rọ́pò wọn, orí wọn wọlẹ̀ dé ibi tí bàtà kò lè kàn wọ́n. Mo ti kọ ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ògiri méjì tó sún mọ́ ọn sílẹ̀ kí a lè wú wọn jáde.

Wẹ́dà ti ní kí n mú ìwọ̀n gọ́ọ̀lù wá. Inú òpó sí inú òpó ló jẹ́ 7.32, abẹ́ ọ̀pá ìdábùú òkè sí ilẹ̀ sì ni 2.44. Ìyẹn ni pé páìpù òkè gbọ́dọ̀ tó 7.52 tó bá máa jókòó lé òpó méjèèjì lórí, ìdí òpó sì gbọ́dọ̀ gùn ju 2.44 lọ, kí apá kan rẹ̀ lè wọlẹ̀ sínú kọnkéré. Mo ya á sórí pákó fún un, mo sì ní kó má gé páìpù kankan kí n tó débẹ̀ pẹ̀lú téèpù.